Bí A Ṣe Ń Ka Ìlà Ìdúró Òǹwòran Lórí YouTube

Ìlà ìdúró òǹwòran ni àtẹ tí YouTube máa ń yà fún fídíò kọ̀ọ̀kan, tó ń fi han ẹni tó ni fídíò náà bí àwọn tó ṣí i ṣe pọ̀ tó tí wọ́n ṣì ń wò ó bí àkókò ti ń lọ. Láti apá òsì ni ìlà náà ti ń bẹ̀rẹ̀, ní 100, torí gbogbo ẹni tó ṣí fídíò ló wà níbẹ̀ nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe ń lọ sí ọ̀tún ni àkókò ń lọ, bẹ́ẹ̀ ló sì ń wálẹ̀, torí àwọn kan ti ń kúrò. Bí ìlà bá wà ní 40 nígbà tí fídíò pé ìṣẹ́jú méjì, ó túmọ̀ sí pé nínú ènìyàn 100 tó ṣí i, 40 ló kù nídìí rẹ̀ lákòókò yẹn. Kò sí fídíò tí ìlà rẹ̀ kì í wálẹ̀. Ohun tí ẹni tó mọ ìlà kà máa ń wò ni ibi tó ti wálẹ̀, bó ṣe yára wálẹ̀ tó, àti ohun tó ń lọ nínú fídíò ní kété kí ó tó wálẹ̀.

Inú YouTube Studio ni ìlà yìí wà. Ẹni tó ni ìkànnì yóò ṣí `Content`, yóò yan fídíò tó fẹ́ yẹ̀ wò, yóò sì tẹ `Analytics`. Níbẹ̀ ni yóò ti rí àtẹ tí wọ́n pè ní `Key moments for audience retention`. Kì í yọ lójú ẹsẹ̀ tí a bá gbé fídíò jáde. Ó máa ń tó ọjọ́ kan sí méjì kí YouTube tó ṣírò rẹ̀ tán, fídíò náà sì gbọ́dọ̀ tó ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n sì ti wò ó tó ìgbà 100, kí àlàyé tó wà lábẹ́ àtẹ náà tó lè pé. Ohun àkọ́kọ́ tí àlàyé náà máa ń sọ ni iye àwọn tó kù nígbà tí fídíò pé ìṣẹ́jú àáyá 30. YouTube tún máa ń fi fídíò náà wé 10 tó gbẹ̀yìn lórí ìkànnì kan náà tí gígùn wọn jọra, kí olówó rẹ̀ lè mọ̀ bóyá ó sàn ju bó ṣe máa ń rí lọ tàbí ó burú jù ú lọ.

Ìdí tí ìlà yìí fi gba àkíyèsí ni pé láti ọdún 2012 ni YouTube ti kéde pé iye àkókò tí àwọn ènìyàn fi ń wo fídíò ni òun yóò máa fi ojú sí jù nígbà tí òun bá ń yan èyí tí òun yóò gbé síwájú àwọn ẹlòmíràn, dípò iye ìgbà tí wọ́n ṣí i nìkan. Ìlà ìdúró ló sì ń sọ ibi tí àkókò náà ń gbà ṣòfò. Gbogbo àyè tó wà lábẹ́ ìlà náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ni àkókò tí àwọn òǹwòran lò nídìí fídíò. Bí a bá pín in dọ́gba fún gbogbo wọn, ohun tí a ó rí ni ìwọ̀n àkókò tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi wò ó, èyí tí YouTube kọ sójú ìwé náà ní `Average view duration`. Ẹni tó bá fẹ́ kí iye yìí ga gbọ́dọ̀ mọ apá ibi tí ìlà ti lọ sílẹ̀ jù, kó sì tún ibẹ̀ ṣe.

Ìbẹ̀rẹ̀ ló sábà máa ń jẹ́ ibẹ̀. Nínú fídíò púpọ̀, kò sí ìdajì ìṣẹ́jú mìíràn tí ènìyàn ti ń sá lọ tó ìdajì ìṣẹ́jú àkọ́kọ́. Ẹni tó bá sì ti lọ ní ìṣẹ́jú àáyá 20 kò sí nídìí fídíò mọ́ nígbà tí ibi tó dùn jù bá dé ní ìṣẹ́jú kẹfà. Àdánù ìbẹ̀rẹ̀ kì í mọ sí ìbẹ̀rẹ̀: ìlà tó ti já sí 50 kò ní ju 50 lọ láti pín fún gbogbo ìyókù fídíò náà.

A lè fi fídíò kan ṣe àpẹẹrẹ, kí ọ̀rọ̀ náà lè yé wa. Ká ní aláàdìrẹ kan ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, gbé fídíò ìṣẹ́jú 8 jáde, tó fi ń kọ́ àwọn ènìyàn bí wọ́n ṣe ń pa aṣọ láró. Àwọn iye tí a ó lò jẹ́ èyí tí a gbé kalẹ̀ fún àlàyé, ṣùgbọ́n bí ìlà náà ṣe rí ni ìlà ọ̀pọ̀ fídíò ìkọ́ni ṣe máa ń rí. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 100. Ní 0:07, ó ti wà ní 81. Ní 0:19, ó di 66. Nígbà tó fi máa pé 0:30, 52 ló kù. Lẹ́yìn èyí, ìsáré náà rọ̀: 44 ní ìṣẹ́jú kan, 40 ní ìṣẹ́jú méjì, 34 ní ìṣẹ́jú mẹ́rin, 30 ní ìṣẹ́jú mẹ́fà, 27 ní 7:20. Láti ibẹ̀ ló ti já wálẹ̀ lójijì sí 9 ní òpin. Bí a bá ṣírò àyè tó wà lábẹ́ rẹ̀, ìwọ̀n àkókò tí ẹnì kọ̀ọ̀kan fi wò ó jẹ́ nǹkan bí ìṣẹ́jú 2 àti ìṣẹ́jú àáyá 55.

Iye lásán kò lè sọ ìdí fún ẹnikẹ́ni. Ó di dandan kí a ṣí fídíò náà, kí a sì máa wò ó bí a ṣe ń wo ìlà, kí a kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní àkókò kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Nígbà tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún fídíò àdìrẹ yìí, ohun tí a ó rí nìyí. Láti 0:00 dé 0:07, orúkọ ìkànnì ń yí lójú fídíò pẹ̀lú orin. Láti 0:07 dé 0:19, olùkọ́ náà ń kí àwọn òǹwòran: ẹ káàárọ̀ o, ẹ káàsán, ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ìgbàkígbà tí ẹ bá ń wò wá, ẹ kú ìnáwó dátà, Olódùmarè á fi kún un fún yín. Láti 0:19 dé 0:27, ó ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n tẹ bọ́tìnnì, kí wọ́n lè máa rí fídíò rẹ̀ tuntun. 0:27 ló ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ pé àdìrẹ ni òun fẹ́ kọ́ wọn. 0:41 ni aṣọ kan kọ́kọ́ fojú hàn.

Àwọn tó lọ kí ó tó di 0:07 kì í ṣe ẹyọ kan. Lára wọn ni ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ṣèèṣì kan fídíò, lára wọn náà sì ni ẹni tí àkọlé àti àwòrán ìta fídíò ti ṣèlérí ohun kan fún, tí kò sì rí nǹkan tó jọ ọ́ nígbà tó wọlé. Ti àkọ́kọ́ kò ní oògùn. Ti ìkejì ní, torí bí àwòrán ìta bá jẹ́ aṣọ aláró tó ń kán tótó, aṣọ aláró ló yẹ kí ojú rí ní kété tí fídíò bá ṣí, kó lè dá òǹwòran lójú pé ibi tó ń bọ̀ ló dé. Àwọn 29 tó tún lọ láàárín 0:07 sí 0:30 ló yẹ kó dun aláàdìrẹ náà jù. Wọ́n fẹ́ mọ aṣọ pa láró, wọ́n sì ti dúró de orin tán. Wọ́n lọ torí pé kò sí ohun tó fi hàn wọ́n pé ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Ó yẹ kí a sọ̀rọ̀ díẹ̀ lórí ìkíni níhìn-ín, torí kò sí Yorùbá tí yóò fẹ́ kí a yọ ọ́ dànù. Ìkíni kò ṣẹ̀. Àyè tí wọ́n fi í sí ni kò dára. Ẹni tó ṣí fídíò dà bí oníbàárà tó ti mú owó lọ́wọ́ wọ ìsọ̀, tó ń wojú ọjà. Ẹ kí i lẹ́ẹ̀kan kí ẹ sì na ọjà sí i. Ẹ káàbọ̀ o, kí ọwọ́ sì ti wà nínú aró, kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá méjì lọ. Àdúrà àti ẹ̀bẹ̀ bọ́tìnnì lè dúró di ìgbà tí òǹwòran bá ti rí nǹkan gbà, bóyá lẹ́yìn tí aṣọ àkọ́kọ́ bá ti jáde. Ẹni tó ti jẹ àǹfààní fídíò ni yóò fi inú dídùn tẹ bọ́tìnnì.

Ìkìlọ̀ kan wà tí àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ka ìlà kì í mọ̀. Ibi tí ìlà ti wálẹ̀ kọ́ ni àṣìṣe máa ń wà gan-an. Ó máa ń wà ṣáájú rẹ̀. Nígbà tí nǹkan bá sú òǹwòran, yóò kọ́kọ́ fún un ní àyè díẹ̀ bóyá yóò dára, lẹ́yìn náà ni yóò tó tẹ nǹkan mìíràn. Nítorí náà, bí ìlà bá já ní 2:10, kí a bẹ̀rẹ̀ sí í wo fídíò láti nǹkan bí 1:55. Lọ́pọ̀ ìgbà, gbólóhùn tó dún bí ìparí ọ̀rọ̀ la ó bá níbẹ̀, tàbí àlàyé tí wọ́n ti ṣe tẹ́lẹ̀ tí wọ́n tún ń ṣe, tàbí ibi tí ohùn ti lọ sílẹ̀.

Àárín fídíò àdìrẹ náà ní ohun méjì tó yẹ kí a wò dáadáa. Ní 3:10, ìlà já láti 36 sí 29, ṣùgbọ́n ní 3:40, ó ti padà sí 35. Ibi tó já tó sì padà gòkè báyìí kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti kúrò, torí ẹni tó bá kúrò kì í padà lọ́nà bẹ́ẹ̀. Ibi tí wọ́n fò ni. Wọ́n fa fídíò síwájú, wọ́n sì balẹ̀ sí ibi tí iṣẹ́ ti tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí a bá wo fídíò, a ó rí i pé láàárín ìgbà yẹn ni olùkọ́ náà gbé aṣọ kalẹ̀, tó ń sọ ìtàn bí ọjà Ìtòkú ṣe bẹ̀rẹ̀. Ìtàn náà lè dùn, ṣùgbọ́n ẹni tó wá kọ́ṣẹ́ kò wá fún un. Ó lè sọ ìtàn yẹn nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń di aṣọ, kí ojú máa rí iṣẹ́ kí etí sì máa gbọ́ ìtàn, tàbí kó fi ṣe fídíò mìíràn fún àwọn tó fẹ́ ìtàn. Bí ìlà bá já tí kò sì padà, àwọn ènìyàn ti lọ pátápátá nìyẹn, àtúnṣe ibẹ̀ sì gbọ́dọ̀ le ju èyí lọ.

Ní 4:20, ìlà gòkè láti 34 sí 41. Ó ya àwọn kan lẹ́nu pé ìlà lè gòkè nígbà tó jẹ́ pé ènìyàn ń lọ ni. Ohun tó fà á ni pé àwọn òǹwòran dá fídíò padà láti tún ibẹ̀ wò, YouTube sì ka ìwò kejì mọ́ ti àkọ́kọ́. Àwọn mìíràn sì fo àwọn ibi tó ṣáájú kí wọ́n tó dé ibẹ̀. Ìdí yìí náà ló fi ṣeé ṣe kí ìlà kan kọjá 100. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ni ìkànnì máa ń yọ̀ tí wọ́n bá rí irú òkè bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ohun tí wọ́n ń padà wá wò. Ní 4:20 nínú fídíò yìí, olùkọ́ náà ń da sódà àti háídírò sínú aró, ó sì dárúkọ ìwọ̀n wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kíákíá, nígbà tí omi ń dún. Wọn kò gbọ́ ọ ni wọ́n fi padà. Sódà jẹ́ ohun tó ń bó ènìyàn lára, nítorí náà kì í ṣe ibi tó yẹ kí ẹnikẹ́ni máa méfò. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí ó kọ ìwọ̀n méjèèjì sójú fídíò, kí ó sì jẹ́ kí ó pẹ́ níbẹ̀ tó ẹni tó fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí òkè yẹn bá rọlẹ̀ nínú fídíò tó tẹ̀ lé e, ohun tó dára ni, kò pàdánù nǹkan kan.

Òkè kejì wà ní 6:05, irú rẹ̀ sì yàtọ̀. Ibẹ̀ ni aṣọ ti jáde látinú aró, tó ní àwọ̀ ewé, tí afẹ́fẹ́ sì ń sọ ọ́ di búlúù lójú gbogbo ènìyàn. Kò sí ọ̀rọ̀ kankan níbẹ̀ tí wọn kò gbọ́. Ẹwà rẹ̀ ni wọ́n padà wá wò. Irú òkè báyìí ló ń fi han ẹni tó ni fídíò ohun tí àwọn òǹwòran rẹ̀ fẹ́ràn jù, òun náà ló sì yẹ kó mú lọ sí ìbẹ̀rẹ̀.

Aláàdìrẹ náà kò lè fi fídíò tuntun rọ́pò ti àtijọ́ lójú àdírẹ́sì kan náà, torí YouTube kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tó lè ṣe sí ti àtijọ́ ni kó fi `Editor` tó wà nínú YouTube Studio gé apá tí kò wúlò kúrò. Àmọ́ ẹ̀kọ́ tó rí kọ́ ṣe é lò fún èyí tó kàn. Ká ní ó ṣe fídíò mìíràn, ìṣẹ́jú 8 náà, lórí àdìrẹ ẹlẹ́kọ. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó ń jáde látinú aró, ìṣẹ́jú àáyá 4 péré. Ó wá sọ pé: "Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ̀kọ ló ṣe àwọn ibi funfun tí ẹ ń wò yìí. Ẹ jẹ́ ká sè é." Kó tó di 0:15, iná ti wà lábẹ́ ìkòkò.

Ìlà fídíò kejì yìí wà ní 68 ní 0:30, 58 ní ìṣẹ́jú kan, 50 ní ìṣẹ́jú méjì, 42 ní ìṣẹ́jú mẹ́rin, 37 ní ìṣẹ́jú mẹ́fà, 33 ní 7:40 àti 12 ní òpin. Ìwọ̀n àkókò ẹnì kọ̀ọ̀kan ti di nǹkan bí ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú àáyá 38. Ẹ kíyè sí i pé ènìyàn 16 ló fi ju ti àkọ́kọ́ lọ ní 0:30, àmọ́ nígbà tó di ìṣẹ́jú mẹ́rin, 8 ló fi jù ú lọ. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn. Àwọn tí ìbẹ̀rẹ̀ tó dára dá dúró kì í ní sùúrù tó àwọn tí yóò dúró lọ́nàkọnà, nítorí náà ẹnikẹ́ni tó bá rò pé bí òun ṣe gbé ìbẹ̀rẹ̀ ga ni gbogbo ìlà yóò ṣe ga tó ń tan ara rẹ̀ ni. Síbẹ̀, èrè rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ìkànnì tó fẹ́ kí YouTube máa pín owó ìpolówó orí fídíò gígùn fún òun lè gba ọ̀nà wákàtí 4,000 tí àwọn ènìyàn fi wo fídíò rẹ̀ láàárín oṣù 12, yàtọ̀ sí pé kí ènìyàn 1,000 ti tẹ̀ lé e. Ní ìwọ̀n ti fídíò àkọ́kọ́, wọn yóò ní láti wo fídíò rẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 82,000 kí wákàtí náà tó pé. Ní ìwọ̀n ti ìkejì, nǹkan bí 66,000 ti tó.

Òpin fídíò àkọ́kọ́ náà ní ìtọ́jú tirẹ̀. Ìlà já lójijì ní 7:20 torí pé ibẹ̀ ni olùkọ́ ti sọ pé "a ti dé òpin ẹ̀kọ́ wa tòní." Kò sí ẹni tí yóò gbọ́ ìyẹn tí kò ní máa wá nǹkan mìíràn wò, bẹ́ẹ̀ ìṣẹ́jú àáyá 40 ló ṣẹ́ kù. Nínú ìkejì, ó ń tú aṣọ jọ fún òòrùn títí di 7:40, ó sì lo ìṣẹ́jú àáyá 20 tó gbẹ̀yìn láti tọ́ka sí fídíò mìíràn. 20 náà ni YouTube fàyè gbà jù fún àwòrán ìparí tí ènìyàn lè tẹ̀.

Àwọn ohun kan wà tó lè mú kí ènìyàn ka ìlà sódì. Èyí tó wọ́pọ̀ jù ni kí a fi fídíò ìṣẹ́jú 3 wé ti ìṣẹ́jú 20. Fídíò kúkúrú máa ń ní ìdá tó ga jù, síbẹ̀ ó lè jẹ́ pé èyí tó gùn ni àwọn ènìyàn fi àkókò púpọ̀ jù wò. Ìdá 60 nínú 100 ìṣẹ́jú 3 kò tó ìṣẹ́jú méjì, bẹ́ẹ̀ ìdá 30 nínú 100 ìṣẹ́jú 20 jẹ́ ìṣẹ́jú 6. Èyí tí gígùn wọn jọra ni kí a máa fi wé ara.

Òmíràn ni irú ènìyàn tó wá. Ìlà kan ṣoṣo ni YouTube yà, ṣùgbọ́n oríṣiríṣi ènìyàn ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó wá "bí a ṣe ń di àdìrẹ" lórí YouTube fúnra rẹ̀ máa ń ní sùúrù, torí ó mọ ohun tó ń wá. Ẹni tí fídíò ṣàdédé yọ sí lójú ìwé àkọ́kọ́ kò mọ olùkọ́ náà rí. Nígbà tí YouTube bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fídíò kan fún àwọn àjèjì, ìlà rẹ̀ sábà máa ń wálẹ̀ ju bó ṣe wà ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, nígbà tó jẹ́ àwọn ojúlùmọ̀ ìkànnì ló ń wò ó. Ẹni tí kò mọ èyí lè rò pé fídíò òun ti bàjẹ́ nígbà tó jẹ́ pé ó ń tàn kálẹ̀ ni. YouTube Studio máa ń jẹ́ kí a ya àwọn tó ti tẹ̀ lé ìkànnì sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn tí kò tíì tẹ̀ lé e, àti àwọn tuntun kúrò lára àwọn tó ń padà wá. Ìlà àwọn tuntun ló ń sọ òtítọ́ nípa ìbẹ̀rẹ̀ fídíò, torí wọn kò ní ìfẹ́ àtẹ̀yìnwá kankan tí yóò mú wọn fara dà á. Bákan náà, bí a bá fi owó polówó fídíò, kí a yọ àwọn tí ìpolówó gbé wá kúrò kí a tó kà á.

Ìtànjẹ ìbẹ̀rẹ̀ náà ní àmì tirẹ̀ lójú ìlà. Bí ẹnì kan bá ṣèlérí ohun ńlá ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá àkọ́kọ́, tí kò sì bẹ̀rẹ̀ sí í mú un ṣẹ, iye tó wà ní 0:30 yóò dára, ṣùgbọ́n ìlà yóò já gidigidi láàárín ìṣẹ́jú kan sí méjì. Bó bá ń sọ pé kí wọ́n dúró dé òpin kí wọ́n tó rí àṣírí kan, àárín ìlà yóò lọ sílẹ̀, òkè kan ṣoṣo yóò sì yọ ní ibi tí àṣírí náà wà, torí gbogbo wọn ti fò lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá rí irú ìlà méjèèjì yìí kò ní láti tún fi kún ariwo ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ohun tó yẹ kó ṣe ni kó pín ìlérí náà sí wẹ́wẹ́, kó sì mú apá àkọ́kọ́ rẹ̀ ṣẹ kí ìṣẹ́jú kìíní tó pé, kó wá wo ìlà fídíò tó tẹ̀ lé e láti mọ̀ bóyá ọ̀gbun náà ti kún.